Àpáta Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lò

Bí òjò bá kán sórí àpáta tí oòrùn ti yan láti àárọ̀, òórùn kan máa ń jáde níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ níbòmíràn rí àfi ní Ìdànrè. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá da omi sínú ìkòkò amọ̀ tuntun. Níbi tí mò ń gbé báyìí, kọnkéré ni gbogbo ilẹ̀, síbẹ̀ bí òjò bá ṣú lọ́sàn-án Jímọ̀, tí mo sì wà ní mọ́ṣáláṣí, imú mi á ṣáà máa wá òórùn yẹn kiri. Inú mi kì í dùn nígbà náà. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ, ọ̀rẹ́ mi, torí mi ò tíì sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni rí.

O mọ̀ pé a kì í ṣe ọmọ Ìdànrè. Apá Ọ̀yọ́ ni bàbá mi ti wá síbẹ̀ wá ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó olóko kan lọ́nà Atosin. Bí wọ́n bá ta kòkó tán, olóko á mú tirẹ̀, bàbá mi náà á mú tirẹ̀. Odode, nínú ìlú Ìdànrè, ni ilé-ìwé mi wà, ilé-ìwé ìjọba ni, àpáta sì yí i ká lẹ́yìn. Àwa Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀ ò pọ̀ rárá, ọmọ àwọn tó wá ṣiṣẹ́ oko bíi tiwa ni púpọ̀ nínú wa. Àwọn ọmọ kíláàsì á máa fi ohùn Ọ̀yọ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà á sì máa sín wọn jẹ nígbà tí wọ́n bá ń sọ èdè Ìdànrè, gbogbo wa á wá bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ohun tó le ni ọ̀sán Jímọ̀.

Aago méjì ni ilé-ìwé ń jáde, ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn máa ń dúró ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀sán títí di aago mẹ́rin. Ìrun Àìlà á ti kọjá lọ lórí àga, Àlàásárì á sì fẹ́ bá wa níbẹ̀. Ti Jímọ̀ ló burú jù, torí ènìyàn ò lè dá a kí ní kọ̀rọ̀. Ó ní láti bá jàmáà kí i, kó sì gbọ́ kùtúbà, ìwàásù Jímọ̀, lẹ́nu lèmọ́mù kí wọ́n tó dìde sí ráká méjì yẹn. A máa ń fo fẹ́ǹsì lọ sí mọ́ṣáláṣí Odode, a ó sáré padà, tíṣà tó ń mójú tó ìwà á sì ti dúró dè wá pẹ̀lú pàṣán. Nígbà tó yá, ẹ̀rù mú wa jókòó. Alfa wa nílé kéú sì ti kọ́ wa pé ẹni tó bá fi àìkàsí pa Jímọ̀ mẹ́ta jẹ léraléra, wọ́n á fi èdìdì dí ọkàn rẹ̀. Wàá rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi máa ń fọwọ́ kan àyà mi lóru, mo ń wò ó bóyá ó ti ń le.

Bàbá mi ló ní kí n yéé fo fẹ́ǹsì. Ó ní, “Ẹnu lo ní, o sì mọ ìwé kọ. Kọ ọ́ sí pírínsípà.” Mo wá kọ lẹ́tà náà ní gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ṣe kọ́ wa: àdírẹ́sì mi lápá ọ̀tún, ti pírínsípà lápá òsì, mo sì fi yé wọn pé ọwọ́ tíṣà kíláàsì wa ni ó gbà kọjá. Nǹkan méjì ni mo béèrè. Kí wọ́n jẹ́ ká jáde lọ kí ìrun Jímọ̀, ká sì padà wá sí ẹ̀kọ́ ọ̀sán; kí wọ́n sì fún wa ní ibi kékeré kan tí kò sí ariwo, tí a ti lè ṣe àlùwàlá, ká sì kírun lọ́jọ́ yòókù. Mo ṣèlérí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ la ó lò, a ò sì ní ké àdúà sókè.

Díákónì ni pírínsípà wa, mo ti rò pé ó máa lé mi jáde ni. Kò lé mi. Ó ka lẹ́tà náà, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀tọ́ yín ni. Ta ló máa kó yín lọ, ta ló máa kó yín bọ̀?” Ó ní kí òbí kọ̀ọ̀kan kọ̀wé pé àwọn fọwọ́ sí i, àtàǹpàkò ni bàbá mi tẹ̀ sí tirẹ̀. Ó ní kí gétìmáànù máa wo orúkọ wa bí a bá ń jáde àti bí a bá ń wọlé, ẹni tó bá sì yà síbòmíràn yóò ba ti gbogbo wa jẹ́. Lẹ́yìn náà ló dé ọ̀rọ̀ ibi ìkírun. “Mi ò ní kíláàsì tó ṣófo. Lọ wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò lò nínú ọgbà yìí, kí o kọ ọ́ wá. Àmọ́ o, mi ò fẹ́ ìjà ẹ̀sìn. Tí mo bá gbọ́ ẹjọ́ kan ṣoṣo, mo fagi lé gbogbo rẹ̀, ti Jímọ̀ náà wà níbẹ̀.”

Ibì kan ṣoṣo ló yẹ. Lẹ́yìn kíláàsì wa, àpáta pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó mọ́, ó tutù, ẹ̀rọ omi ò jìnnà sí i, tí a bá sì kọjú sí gábàsì kírun níbẹ̀, ẹ̀yìn la ó kọ sí gbogbo ariwo ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń lò ó. Ìyá ẹlẹ́wà tó ń tajà fún wa ni. Aládúrà ni wọ́n. Bí a bá ti jẹun tán, tó bá ti di aago méjìlá géérégé, wọ́n á bo ìkòkò ẹ̀wà wọn, wọ́n á mú ìgò omi kékeré kan, wọ́n á bọ́ sálúbàtà sílẹ̀, wọ́n á sì kúnlẹ̀ sórí àpáta náà. Mo ti rí wọn láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì tún dijú. Àwọn yìí náà ni wọ́n máa ń fún mi ní èènì ẹ̀wà, tí wọ́n á ní, “Ọmọ Ọ̀yọ́, jẹun dáadáa, o ti rù jù.”

Mo jókòó, mo sì kọ ọ́ fún pírínsípà pé àpáta náà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lò ó. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi ni pé ọlọ́jà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ara ilé-ìwé, nítorí náà wọn ò sí nínú “ẹnikẹ́ni.” Háà, ọmọ ènìyàn!

Pírínsípà fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ kékeré gé koríko ibẹ̀, wọ́n kun òkúta ní funfun yí i ká, wọ́n sì kìlọ̀ fún gétìmáànù pé ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ilé-ìwé ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́, kí wàhálà má baà wà. Mo wà lójú fèrèsé nígbà tí ìyá náà dé pẹ̀lú ìgò wọn. Gétìmáànù ní, “Màámá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ti fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí.” Wọn ò jiyàn. Ìwé àṣẹ pírínsípà ni wọ́n fi ń tajà níbẹ̀, ta ni wọ́n fẹ́ bá jà? Wọ́n wo àwọn òkúta funfun náà, wọ́n wo ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n sì yí padà.

Ìwọ gbọ́ ohun tó ń dùn mí jù. Aago méjìlá ni tiwọn. Tiwa kì í tó àkókò títí di bí aago kan. À bá jọ lò ó láìpàdé ara wa láyé. Ká ní mo kọ òtítọ́ síbẹ̀ ni, bóyá pírínsípà ì bá ní ká pín in.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ìkòkò ẹ̀wà ni wọ́n ti ń gbàdúrà. Wọ́n á dijú, ọmọ kan á ké pé, “Màámá, ẹ bu ti ogún náírà sí i!” Wọ́n á lajú, wọ́n á bù ú, wọ́n á tún dijú. Àwa ń kírun tiwa ní ìrọ̀rùn. Mo ń lọ sí Jímọ̀, mo ń gbọ́ kùtúbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bàbá mi sì ń fi mí yangàn fún gbogbo ará abúlé. Mi ò ra ẹ̀wà mọ́. Mo ní ẹ̀wà ń dà mí nínú rú.

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa tó jẹ́ ọmọ ìjọ wọn ló là mí lójú. Ó ní ọmọkùnrin ìyá náà gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, kò sì pè mọ́. Wòlíì wọn ní kí wọ́n máa gun orí òkè lọ gbàdúrà fún un ní aago méjìlá lójoojúmọ́. Orúnkún wọn ò lè gba àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, wọn ò sì lè fi ọjà sílẹ̀. Wòlíì wá ní àpáta ni àpáta ń jẹ́, kí wọ́n lo èyí tó wà nítòsí. Òkè wọn nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Èmi ni mo fi bírò gba òkè lọ́wọ́ ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ ọ́, pírínsípà á mọ̀ pé mo purọ́, á fagi lé gbogbo rẹ̀, Jímọ̀ á sì lọ fún gbogbo wa. Mo ń pa á mọ́ra títí a fi ṣe ìdánwò àṣekágbá tán. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kúrò, mo lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń lo ibẹ̀.”

Wọn ò dá ọwọ́ dúró. Èdè Ìdànrè ni wọ́n fi dá mi lóhùn, mo ń fi tiwa sọ ọ́ fún ẹ ni. “Mo mọ̀. Pírínsípà sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà fún gétìmáànù, òun ló sọ ọ́ fún mi. Mo ní, ọmọ Ọ̀yọ́ mà rí mi.” Omi ń ro tótó láti ọwọ́ wọn. Wọ́n wá béèrè pé, “Nígbà tí ẹ̀ ń gbàdúrà níbẹ̀, ǹjẹ́ ẹ ń rántí ẹlòmíràn?”

Ti ìdánwò mi ni mò ń bẹ Ọlọ́run fún.

“Èmi ò lè débẹ̀ mọ́,” ni wọ́n wí. “Ìwọ bá mi dárúkọ rẹ̀.” Wọ́n sì sọ orúkọ ọmọ náà fún mi, lẹ́ẹ̀mejì, kí n má baà gbàgbé. Wọ́n fi ẹ̀wà tó kù nínú ìkòkò sínú ọ̀rá fún mi.

Mo ti di ẹni tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí báyìí níbi iṣẹ́ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè àyè, tó sì kọ ọ́ pé ibẹ̀ ṣófo, mo máa ń dìde lọ wò ó fúnra mi, màá bi àwọn tó ń gbálẹ̀, màá bi àwọn tó ń tajà. Àwọn ènìyàn ní mo ti le jù. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Mi ò tíì mọ̀ bóyá ọmọ náà padà dé. Mo lè béèrè, Ìdànrè ò sá lọ, àmọ́ mi ò ní àyà láti gbọ́ ọ. Bí lèmọ́mù bá ti sálámà parí ìrun ní Jímọ̀, tí àwọn ènìyàn ń wá bàtà wọn, mo máa ń jókòó díẹ̀, màá tẹ́ ọwọ́ mi, màá sì dárúkọ rẹ̀ kí n tó dárúkọ àwọn ọmọ tèmi.