Wọ́ọ̀dù Tó Máa Ń Gba Ọgọ́rùn-ún

Ní ọsibítù kan ní Ìwó, iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ àwọn tó ń fọwọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, àmọ́ fóònù ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Nígbàkigbà tó bá yẹ kí òṣìṣẹ́ fọwọ́, bíi kó tó fọwọ́ kan aláìsàn tàbí lẹ́yìn tó fọwọ́ kàn án tán, màá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ bóyá ó fọ̀ ọ́ tàbí kò fọ̀ ọ́. Fóònù á ṣírò rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, a ó sì lẹ èsì mọ́ ògiri lóṣooṣù.

Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ló máa ń gba ọgọ́rùn-ún. Kí ló dé tí wọn ò ní gbà á? Bí mo bá ti kí wọn lẹ́nu ọ̀nà báyìí, mátíróònù wọn á pariwo pé, "Ẹ káàbọ̀ o, ìyá ọlọ́wọ́ mímọ́!" Kí n tó jókòó, gbogbo wọn á ti tò sídìí ẹ̀rọ omi bí ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá.

Nígbà tó yá, wọ́n dá ìyá ọkọ mi dúró níbẹ̀. Mo wọ híjáàbù, mo gbé fúláàsì ẹ̀kọ dání, mo rọra wọlé, mo jókòó, mo sì ń tẹ fóònù mi. Ẹ̀ẹ̀meje ló yẹ kí wọ́n fọwọ́, wọn ò fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìbọ̀wọ́ tí nọ́ọ̀sì kan fi wẹ egbò ẹlòmíì ló fẹ́ fi wẹ ti ìyá ọkọ mi kí n tó dá a dúró.

Nígbà tí èsì jáde, mátíróònù fi ìbínú wá bá mi.

"Ọmọ Ìwó lẹ jẹ́, ẹ wá wọlé láìkí ẹnikẹ́ni? Ká ní ẹ kí wa ni, à bá ti fọwọ́!"