Ìkọ́kọrẹ́ Àǹtí Mi

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ń gbé ní Thomas Estate. Èmi ń se oúnjẹ tà ní Ṣàngótẹ̀dó, nítorí náà èmi ni wọ́n máa ń rántí tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìkòkò. Láàárọ̀ Sátidé kan, wọ́n kọ̀wé sí mi lórí wáàsáàpù pé: “Báwo ni wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́? Kíá o!” Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Mo pè wọ́n. “Àǹtí, ẹ káàárọ̀ mà. Èèyàn mélòó ló máa jẹ ẹ́?”

“Ṣé o fẹ́ wá bá wa jẹ ni?”

“Rárá mà. Ṣé kò sí ẹni tí kì í jẹ edé nínú wọn? Kí lẹ sì fẹ́ fi sè é?”

“Ìkòkò ni! Àbí inú báàgì ni ìwọ ti ń se tìẹ? Ìbéèrè rẹ ti pọ̀ ju ti àwọn tó ń fúnni ní físà lọ.” Wọ́n gé fóònù.

Mo bá kọ ọ́ ránṣẹ́ pé èèyàn mẹ́rin ni mo fi ṣírò, orí gáàsì ni mo ti ń se tèmi, kí wọ́n yọ edé tí ara ẹnì kan kò bá gbà á. Kí wọ́n rin ewùrà, kí wọ́n fi iyọ̀ sí i. Tí omi, epo, ata àti ẹja gbígbẹ bá ti hó, kí wọ́n máa bu ewùrà sí i díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n dé e, kí wọ́n má rò ó títí yóò fi dì.

Lọ́sàn-án, wọ́n pè mí. Ohùn wọn ti rọ̀. “Ọmọ mi àtàtà, jọ̀ọ́, máa bọ̀.”

Kíṣìnì wọn dára ju pálọ̀ mi lọ, ṣùgbọ́n kò sí sítóòfù níbẹ̀. Wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíràn nítorí òórùn gáàsì ń ba kọ́tìnnì jẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yan adìẹ ni wọ́n kó ewùrà sí. Ó ti le bí òkúta lókè, ó tutù nísàlẹ̀. Ní pálọ̀, àwọn àna tó wá láti Ìjẹ̀bú láti tọrọ ọmọ Àǹtí kún orí àga títí dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá àgbà kan sì ń béèrè bóyá edé wà nínú rẹ̀, torí ètè wọn máa ń wú.

Àǹtí wò mí bíi pé èmi ni mo pe gbogbo wọn wá.

Mo gbé gáàsì tí mo máa ń gbé sínú ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo rin ewùrà tuntun, mo se ìkòkò ńlá kan, mo sì se kékeré tí kò ní edé lọ́tọ̀, pẹ̀lú ṣíbí tirẹ̀. Àwọn àna jẹ, wọ́n tún béèrè sí i.

“Ìyá ìyàwó, ọwọ́ yín dùn o,” ni Bàbá àgbà náà wí fún Àǹtí mi.

Àǹtí kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. “Ẹ ṣé, sà. Ìyá mi ló kọ́ mi.”

Ìyá wọn yẹn, ìyá ìyá mi, ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n. N kò rò pé wọ́n fojú kan ìkọ́kọrẹ́ rí títí wọ́n fi kú.