Ilé Kò-Kàn-Mí Mẹ́fà

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò síso wáyà ẹ̀rọ oníná yẹn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, kó máa kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní fásitì nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbéra láti Ìbà tí mò ń gbé, mo dé yàrá ìdánwò l'Ọ́jọ̀ọ́.

Súìsì mẹ́rin ni wọ́n fún wa, A, B, C àti D, láti fi pe nọ́ńbà: A dúró fún mẹ́jọ, B fún mẹ́rin, C fún méjì, D fún ení. Iná pupa kan gbọ́dọ̀ tàn fún márùn-ún dé mẹ́sàn-án, kó sì kú fún òdo dé mẹ́rin. Mẹ́wàá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò lè wáyé nínú ẹ̀rọ tí a ń ṣe é fún, nítorí náà X la máa ń kọ sínú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọn lórí máàpù, àpótí onílé mẹ́rìndínlógún tí a ń yà sórí ìwé láti fi ṣírò. Kò-kàn-mí làwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n. Àwọn géètì OR, tó ń tàn bí ọ̀kan bá tàn, àti AND, tó ń tàn bí méjèèjì bá tàn, nìkan ló wà lórí tábìlì, kò sí NOT tó ń yí títàn padà sí kíkú.

Ìbẹ̀rù mú mi ka gbogbo X sí òdo. Mo so márùn-ún mọ́ méje, mẹ́fà mọ́ méje, mẹ́jọ mọ́ mẹ́sàn-án. Kò sí èyí tí kò bèèrè NOT níbẹ̀. Yéè, mo gbé! Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ṣebí kò kàn mí ni, kí ló dé tí mi ò lè kà á sí ení? Mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án bá kó X mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ra, ó di ilé mẹ́jọ, A nìkan ló kù. Mẹ́fà àti méje mú X méjì, ó di B àti C. Márùn-ún àti méje náà mú méjì, ó di B àti D. C OR D, kó AND B, kó OR A: OR méjì, AND kan, ó parí.

Olùkọ́ wa, bàbá Èkìtì kan tí kì í rẹ́rìn-ín, dé ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni tó jókòó níwájú mi. Wọ́n pe méjìlá, iná tàn. "Kí ló dé tó tàn?" Ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì ń tú wáyà. Nígbà tí wọ́n padà pe márùn-ún, iná ò tàn mọ́. Wọ́n ní kó máa lọ, ó ti fìdí rẹmi.

Ó kàn mí. Òdo dé mẹ́sàn-án, kò sí àṣìṣe. Wọ́n pe méjìlá, iná tàn.

"Kí ló dé tó tàn?"

Ọwọ́ mi ti wà lára wáyà. Ọlọ́run ló ní kí n má fà á. "Méjìlá ò lè wáyé, sà. Ó tàn, ó kú, kò kàn wá."

"Ó dá ẹ lójú?"

Kò dá mi lójú rárá. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé mi pé mo yege. "Dìde, ẹlòmíràn ń dúró." Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dìde.