Ṣọ́ọ̀kì Ìlà Kẹta

Ọgọ́ta ọmọ ló wà ní kíláàsì Ọláfúnkẹ́ ní Kakuri, pátákó kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń kọjú sí. Ohun tó ronú kàn ni pé kó sọ ìṣirò di eré ìje. Ó fi àwọn ọmọ sí ìlà mẹ́fà, mẹ́wàá mẹ́wàá, ó pín pátákó sí mẹ́fà, ó wá kọ ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ kan á sáré wá ṣe ìṣísẹ̀ kan, á fa ṣọ́ọ̀kì lé ẹni tó kàn lọ́wọ́, ìdáhùn tó bá sì kọ sílẹ̀ ni onítọ̀hún yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ló fún gbogbo ìlà, ibẹ̀ ló sì ti ṣàṣìṣe. Ìlà kejì tó yá jù kọ ìdáhùn tí kò tọ́, àwọn yòókù yọjú wò ó, wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ariwo sì gba gbogbo iléèwé. Bí Màlámù Zubair, ọ̀gá iléèwé wọn, ṣe wọlé nìyẹn. Ọmọ Ìlọrin ni, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí òun bá tún bá irú ẹ̀ níbẹ̀, eré parí, kí wọ́n máa ka táábù ìlọ́po wọn lọ. Ọláfúnkẹ́ kò fẹ́ kí eré náà parí, torí eré yìí nìkan ló tíì jí àwọn ará ìjókòó ẹ̀yìn.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ìlà tó bá pariwo yóò dúró títí Ọláfúnkẹ́ á fi ka ẹẹ́wàá. Ẹni tó bá rí àṣìṣe lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó ti lo àǹfààní rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó tẹ̀lé e ni yóò ṣe ìṣísẹ̀ tó kàn.

Màlámù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ìlà kẹta ń lọ geerege títí ó fi kan Matthias, ẹni kẹjọ, tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ ní kó yọ 58 kúrò nínú 144. Ó kọ 96, ó sì sáré padà. Humairah ló kàn, ọmọ tí kò na ọwọ́ sókè rí láti ìgbà tí sáà ti wọlé. Ó dúró wo pátákó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu 96 kúrò.

Àwọn ará ìlà rẹ̀ ń ráhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé "Kai, Humairah." Màlámù mi orí, ó ní ọmọ náà ti ba iṣẹ́ tó dáa jẹ́. Humairah kọ 86, ó sì fa ṣọ́ọ̀kì lé Dinah lọ́wọ́. Dinah sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, 258, ẹni àkọ́kọ́ sì tún padà wá ṣe ìṣísẹ̀ kẹwàá tó kù, ó fi 42 kún un. Àwọn ni wọ́n ṣe tán kẹ́yìn.

Màlámù yọ bírò, ó ṣe ìyọkúrò náà sẹ́yìn àpòòwé kan. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tó yá, ó ní, "Tíṣà, 96 lèmi náà kọ́kọ́ rí."

Ọláfúnkẹ́ mí kanlẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti tábìlì, ó wá béèrè pé:

"Ṣé ká máa bá eré náà lọ, sà?"

"Ẹ máa bá a lọ. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ fi mí sí ìlà kẹta. Ẹ jẹ́ kí n wà níwájú ọmọ yìí, kó lè máa tún tèmi ṣe."