Mẹ́ta tí Fúnkẹ́mi Fún Tíṣà

Nígbà tí Monínúọlá Ilésanmí fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́bàá Ọjà Ọba l'Adó, ó ń ta òwú ìránṣọ, bọ́tìnì àti síìpù. Àwọn aránṣọ kò yé pè é ní Tíṣà, òun náà kò sì yé ṣe tíṣà. Ẹni tó bá wá ra síìpù láì mú àpẹẹrẹ aṣọ dání, á gbọ́ ìbáwí kó tó gbọ́ iye. Ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ kì í já, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí, kò sì ní ta ayédèrú fún ọmọ ẹlòmíì. Irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Lọ́dún 2008, iléeṣẹ́ tó ń ṣe òwú náà rán ọkùnrin kan, Adéyẹyè, wá láti Èkó. Tíṣà nìkan ni alágbàtà wọn l'Adó. Adéyẹyè jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó bi ogún oníbàárà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ẹ máa mú bí a bá ní ṣé ẹ lè júwe ṣọ́ọ̀bù yìí fún ọ̀rẹ́ yín?

Ẹni tó mú mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, wọ́n kà á sí olùpolówó ọjà. Méje àti mẹ́jọ, wọn kò kà wọ́n mọ́ rere, wọn kò kà wọ́n mọ́ búburú. Láti mẹ́fà wálẹ̀, inú ẹni náà kò dùn nìyẹn. Mẹ́rin ló bọ́ sókè, mẹ́sàn-án wà láàárín, méje wà nísàlẹ̀. Bí a bá fi ìdá ọgọ́rùn-ún kà á, ti òkè jẹ́ ogún, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ márùndínlógójì; a yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè: Tíṣà fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rì sábẹ́ òdo. Àṣẹ Èkó sì ni pé ṣọ́ọ̀bù tó bá wà lábẹ́ òdo kò ní ṣe alágbàtà mọ́.

Ó dùn ún wọra. Ó ṣe bí ẹni ń to bọ́tìnì, ṣùgbọ́n kò rí bọ́tìnì kankan.

Fúnkẹ́mi, aránṣọ láti Ìyìn tí kì í ra òwú níbòmíràn, wọlé bá wọn nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o, èmi mú mẹ́ta. Àwọn ọ̀rẹ́ mi, aránṣọ ni gbogbo wọn. Tí mo bá júwe ibi tí mo ti ń rí òwú tó dáa fún wọn, ṣé wọn ò ní gba uṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá bẹ Adéyẹyè pé kó padà bi àwọn ènìyàn ní ìdí. Ọkùnrin náà kò ṣagídí. Ó ní òótọ́ ni, iye láìsí ìdí kò kún tó.

Bàbá Akínyẹlé, tó ń rán kóòtù, ní méje lòun mú. Wọ́n ní kí ló dé? Ó ní ti Ọlọ́run ni mẹ́wàá, pé Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọmọ òun, kò sì fún un ju méje lọ rí, ọjọ́ tó gba méje ọ̀hún ni àwọn sì pa adìẹ nílé.

Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta kan ní ẹnu Tíṣà ló lé àwọn sẹ́yìn, ó ń bá àwọn wí bí ọmọ iléèwé. Ibí yìí ni mo ti gba ti obìnrin yìí. Ẹlòmíì á fi ti Fúnkẹ́mi bo tiwọn mọ́lẹ̀. Tíṣà ní kí Adéyẹyè kọ ti àwọn mẹ́ta náà sílẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí Èkó rí àwọn ìdí náà, wọ́n fún Tíṣà láyè di àsìkò Ìkórè. Nígbà tí Adéyẹyè padà bi ogún ènìyàn, márùn-ún wà lókè, mẹ́rin wà nísàlẹ̀. Iye náà fi márùn-ún yọ lókè òdo. Inú Adéyẹyè dùn, wọ́n sì fi Tíṣà sílẹ̀ ní alágbàtà. Tíṣà nìkan ni kò jó.

"Adéyẹyè, ogún ènìyàn ni," ló wí. "Tí ẹnì kan bá kúrò nísàlẹ̀ bọ́ sókè, iye náà fi mẹ́wàá sún nìyẹn. Bí n kò bá gbà á gbọ́ nígbà tó bú mi, n kò lè gbà á gbọ́ nígbà tó yìn mí. Ẹ jẹ́ ká máa bi wọ́n ní ìdí."

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan wá ra òwú pupa láì mú àpẹẹrẹ aṣọ dání. Tíṣà lanu, ó pa á dé, ó sì rọra kó gbogbo òwú pupa sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọmọ náà ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, òun ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tòun n'Íjàn. Tíṣà bi í pé ta ló júwe òun fún un.

"Ọ̀gá mi ni, Àǹtí Fúnkẹ́mi. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."