Ohun Tí Stella Fọwọ́ Sí

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Stella, tíṣà ní Ìlobù, nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìbímọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta fún un. Ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fòpin sí ọmọ bíbí. Dókítà kìlọ̀ pé kò ṣe é yí padà.

Nígbà tó yá, ọkọ rẹ̀ kú. Adéjọbí ará Ìfọ́n fẹ́ fẹ́ ẹ, ó sì fẹ́ ọmọ. Àwọn méjèèjì lọ bá dókítà.

“Ẹ bá wa tún ọ̀nà ẹyin tí ẹ dí so pọ̀, sà,” Stella bẹ̀ ẹ́.

“Kí la fẹ́ so pọ̀, mà? A ti gé ọ̀nà ẹyin méjèèjì kúrò pátápátá. Ó ku oyún inú ìgò tí wọ́n ń pè ní IVF, ìyẹn náà ò dájú.”



Sátidé tí wọ́n dá fún ìtọrọ ìyàwó pé. Kò séèyàn kankan tó wá láti Ìfọ́n. Stella kó àga tó yá ní ṣọ́ọ̀ṣì fún àlejò padà fúnra rẹ̀.