Ìlà Tí Ìmọ́lẹ̀ Bò

Ara àbúrò mi ọkùnrin gbóná bí iná nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn ní Jericho. Dókítà bi mí léèrè oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀ nígbà tó ṣàìsàn ní Kùtọ̀nú. Ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, ní èdè Faransé, wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀. Mo ní kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.

Àbúrò mi ti lámínéètì ìwé náà kó má baà ya. Iná fóònù ìyàwó rẹ̀ wá ń kọ yànrànyanran lórí ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó. Orúkọ oògùn méjì hàn, ṣùgbọ́n ìlà tó tẹ̀ lé wọn funfun báláú. Fóònù mi túmọ̀ ìyókù geere, bí ẹni pé ìlà kankan kò sọnù.

Mo pe ìyàwó rẹ̀. "Tún un yà. Pa iná fóònù, gbé ìwé sí ibòji, kí fóònù dọ́gba lókè rẹ̀."

"Àǹtí mi, òjìji mi ló ń bò ó yìí o! Ẹ jẹ́ kí n yà á láti ẹ̀gbẹ́."

"Rárá, má ṣe—"

Ó ti fi ránṣẹ́. "Ẹ má ṣe fún un ní" hàn kedere, ṣùgbọ́n orúkọ oògùn tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà ti fún pọ̀ mọ́ra. Fóònù mi túmọ̀ rẹ̀ sí orúkọ tí dókítà kò gbọ́ rí.

Dókítà ní, "Mọ́mì, nínú oògùn méjì yẹn, èwo ni kí n má fún un?"

Mo tún pe ìyàwó náà. Fóònù rẹ̀ ti kú. Mo pè é títí, dókítà sì dúró tì mí, ó ń wo ẹnu mi.